Ìwé Owó Télọ̀ ní Òpin Ọdún

Bí èèyàn bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Oníṣòwò á tọrọ gáfárà, á bẹ̀bẹ̀ títí, nígbà tó bá yá á kówó kalẹ̀, á gba rìsíìtì. Ẹni tó ń bá a kọ ìwé owó á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé “owó ilé, ₦1,200,000,” á sì yọ ọ́ kúrò nínú èrè. Kò purọ́, owó jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá di ìwé pọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ìwé náà á máa sọ pé ọdún kan ṣoṣo ló jẹ owó ilé ọdún méjì tán. Ọdún kejì á sì dà bí ẹni pé onílé fi ṣọ́ọ̀bù ta onítọ̀hún lọ́rẹ.

Nítorí irú èyí ni àwọn akántáǹtì fi máa ń ṣe àtúnṣe sí ìwé kí ọdún tó parí. Ohun tí àtúnṣe yìí ń ṣe ni pé ó ń da ìnáwó kọ̀ọ̀kan àti owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sínú ọdún tó ni ín, ì báà jẹ́ ọdún mìíràn ni owó rẹ̀ wọlé tàbí jáde. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù kékeré: owó ilé tí a ti san sílẹ̀, owó òṣìṣẹ́ tí a jẹ, àti owó oníbàárà tí a ti gbà nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé télọ̀ kan wò wọ́n.

Ká sọ pé obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ rírán ní oṣù Kìíní 2025, iwájú ilé ọkọ rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí, kò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kàwé ní Pólì ló ń bá a ṣe ìwé owó. Bí owó bá wọlé, ọmọ náà á kọ ọ́ sí èrè iṣẹ́. Bí owó bá jáde, á kọ ọ́ sí ìnáwó. Nígbà tó ṣírò gbogbo rẹ̀ ní òpin ọdún, ₦7,500,000 ló wọlé, ₦6,940,000 ló jáde, ₦560,000 ló ṣẹ́kù. Kí àlàyé má bàa lọ́jú, ẹ jẹ́ ká gbà pé ₦560,000 yìí náà ló wà ní báńkì. (Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń gbó lọ́dọọdún náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.)

Owó ilé ni ká kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló tóbi jù. Àgíríménti sọ pé ₦1,200,000 wà fún oṣù 24, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2025 títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2027. Oṣù kan jẹ́ ₦50,000. Nígbà tí ọdún parí, oṣù mẹ́ta péré ni télọ̀ yìí ti lò nínú ṣọ́ọ̀bù: oṣù Kẹwàá, Kọkànlá àti Kejìlá. ₦150,000 ni ìnáwó owó ilé tòótọ́ fún ọdún 2025. ₦1,050,000 tó kù, tí í ṣe ti oṣù 21, kì í ṣe ìnáwó rárá. Ẹ̀tọ́ tó ní ni, pé kó ṣì máa lo ṣọ́ọ̀bù náà láìsan kọ́bọ̀. Bí onílé bá lé e jáde lọ́la láìnídìí, á lè sọ pé kí wọ́n dá a padà fún òun. Ohun tí èèyàn lè bèèrè padà báyìí, ohun-ìní ni.

Bí ọmọ yìí ṣe máa kọ àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́jà ní apá òsì àti apá ọ̀tún. Àwọn akántáǹtì ń pe òsì ní dẹ́bíìtì, wọ́n ń pe ọ̀tún ní kírẹ́díìtì, iye tó bá sì wọ apá kan gbọ́dọ̀ wọ apá kejì níbòmíràn. Ohun-ìní àti ìnáwó máa ń pọ̀ sí i ní apá òsì. Gbèsè àti owó iṣẹ́ máa ń pọ̀ sí i ní apá ọ̀tún. Nítorí náà, yóò ṣí ojú ìwé tuntun kan tó ń jẹ́ “owó ilé àsansílẹ̀,” yóò kọ ₦1,050,000 sí apá òsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò lọ sí ojú ìwé ìnáwó owó ilé, níbi tí ₦1,200,000 ti wà ní apá òsì láti oṣù Kẹwàá, yóò kọ ₦1,050,000 sí apá ọ̀tún. Ohun tó máa ṣẹ́kù níbẹ̀ ni ₦150,000.

Ibi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti máa ń ṣì í ni pé wọn kì í wo ojú ìwé tí owó náà wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tó bá ṣe pé lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó ni ọmọ náà ti kọ gbogbo rẹ̀ sí àsansílẹ̀, òdìkejì ni àtúnṣe yóò jẹ́: ₦150,000 ni yóò gbé kúrò ní àsansílẹ̀ lọ sí ìnáwó, ibì kan náà ni wọ́n máa já sí. Ẹni tó bá há àtúnṣe sórí láìwo ìwé á yọ ₦1,050,000 níbi tó ti yẹ kó yọ ₦150,000.

Ẹ tún kíyè sí i pé oṣù 21 kọjá ọdún kan. Báńkì tó bá ń wo ìwé yìí kó tó yá a lówó máa fẹ́ mọ̀ pé ₦600,000 ni ti oṣù 12 tó ń bọ̀, àti pé ₦450,000 di ọ̀dún 2027. Ìpín méjèèjì ni à ń kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irú ìṣòro yìí kò yẹ kó pọ̀ ní Èkó, nítorí òfin ayálégbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2011 ka gbígba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun sí ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin yẹn yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Bí àwọn onílé ṣe ń pa òfin náà mọ́ sí, ẹni tó bá ti wá ilé l'Ékòó rí mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ₦1,200,000 yẹn: owó ejẹ́ǹtì àti owó lọ́yà tó kọ àgíríménti. Àwọn yẹn ti ṣe iṣẹ́ wọn tán lọ́jọ́ tí wọ́n gba owó, ọ̀pọ̀ akántáǹtì ṣọ́ọ̀bù kékeré a sì kà á sí ìnáwó ọdún náà. Bí onílé bá gba owó kọ́ṣọ̀n tó ní òun máa dá padà nígbà tí ayálégbé bá ń lọ, ojú ìwé tirẹ̀ náà lọ́tọ̀ ni. Kì í dín kù lóṣooṣù bí owó ilé, ṣe ló máa jókòó síbẹ̀ bí ohun-ìní títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà, tàbí tí onílé bá fi kun ilé lọ́dà.

Owó òṣìṣẹ́ kéré sí èyí, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ni yóò fi dán akọ̀wé wò. Èèyàn márùn-ún ló ń bá obìnrin yìí ránṣọ. ₦5,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lójúmọ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sì ń gba owó ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025 bọ́ sí ọjọ́rú. Ọdún ń parí lọ, gbogbo èèyàn fẹ́ wọ aṣọ tuntun lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun, nítorí náà wọ́n ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú. Kò sí ẹni tó tíì gba kọ́bọ̀ nínú owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Èèyàn márùn-ún lọ́nà ₦5,000 lọ́nà ọjọ́ mẹ́ta, ₦75,000 nìyẹn.

Aṣọ tí wọ́n rán ní ọjọ́ mẹ́ta náà ti lọ, owó rẹ̀ sì ti wà nínú ₦7,500,000 tó wọlé ní 2025. Kò dáa kí owó aṣọ wà ní ọdún kan, kí owó ẹni tó rán an wà ní ọdún kejì. Nítorí náà ₦75,000 yóò wọ apá òsì ìnáwó owó òṣìṣẹ́, yóò sì wọ apá ọ̀tún ojú ìwé kan tó ń jẹ́ “owó òṣìṣẹ́ tí a jẹ.” Gbèsè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀yin náà ti lè máa rò ó pé ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà, ìdajì owó ọ̀sẹ̀ nìyẹn, kí a ṣáà pín ohun tí wọ́n bá san ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní sí méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọjọ́ ọdún tuntun, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, owó ojúmọ́ kò sì sí fún ẹni tí kò wá síṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta péré ni wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún. Ohun tí télọ̀ san fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ ₦125,000: ₦75,000 jẹ́ ti 2025, ₦50,000 jẹ́ ti 2026. Ẹni tó bá pín in sí méjì ọgbọọgba ti fi ₦12,500 sí ibi tí kò yẹ. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣàmì sí orúkọ ẹni tó wá síṣẹ́ ni kí akọ̀wé gbé kalẹ̀, kì í ṣe owó tí wọ́n san.

Ẹ̀kẹta ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n san ₦90,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦360,000. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹbí ìyàwó kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2026 kó aṣọ ẹbí wá, gáùnù 30 ní ₦12,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ₦200,000 sílẹ̀. Kí ọdún tó parí, gáùnù mẹ́wàá péré ni wọ́n ti wá kó.

Ọmọ náà sọ fún un pé, “Àǹtí, a gbọ́dọ̀ yọ ₦320,000 kúrò nínú èrè yìí.”

“Kí ni o wí? Ṣé wọ́n ti wá gba owó wọn padà ni?”

“Rárá o, Àǹtí. Owó yín ni, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ yẹn bá wá lọ́la tí ẹ ò sì kọ́ wọn mọ́, ẹ ò ní dá owó wọn padà ni?”

“Ó dáa, ó dáa. Ṣàlàyé fún mi.”

Bó ṣe ṣírò ẹ̀ nìyí. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń lọ bí oṣù ṣe ń lọ. ₦360,000 fún oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦60,000 lóṣù. Oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ti kọjá, ₦120,000 ti di owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. ₦240,000 tó kù, oṣù mẹ́rin ẹ̀kọ́ ni télọ̀ ṣì jẹ àwọn ọmọ náà. Aṣọ ẹbí kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà aṣọ ẹbí kò ra àkókò, aṣọ ló rà, nítorí náà iye gáùnù tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni à ń kà. Mẹ́wàá lọ́nà ₦12,000 jẹ́ ₦120,000. Nínú ₦200,000 tí wọ́n fi sílẹ̀, ₦80,000 ṣì wà lọ́rùn télọ̀. Àwọn tó ti gé ṣùgbọ́n tí kò tíì rán, àti àwọn tó kù kìkì bọ́tìnnì, kò tíì wọ ìṣirò yìí. Mo mọ̀ pé àwọn télọ̀ kan máa bínú sí èyí, nítorí wàhálà pọ̀ ju nínú gígé lọ, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá wá ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, kò ní gba aṣọ gígé.

Àtúnṣe náà: ₦320,000 yóò wọ apá òsì ojú ìwé owó iṣẹ́, kí owó iṣẹ́ lè dín kù sí ₦7,180,000. Yóò sì wọ apá ọ̀tún ojú ìwé kan tó ń jẹ́ “owó tí a gbà ṣáájú iṣẹ́.” Gbèsè ni ojú ìwé yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gbèsè tó yàtọ̀ ni, nítorí kì í ṣe owó la máa fi san án. Iṣẹ́ la máa fi san án.

Ẹ wo gbogbo àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ẹ máa rí i pé a kò kọ ohunkóhun sí ojú ìwé báńkì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Owó kò lọ, owó kò bọ̀, ìgbà tí a kà á sí ló yí padà. Bí akọ̀wé bá rí i pé òun ń kọ “báńkì” tàbí “owó ọwọ́” nínú àtúnṣe òpin ọdún, kó gbé gègé sílẹ̀ kó tún un wò. Ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé èrè, ẹsẹ̀ kejì nínú ìwé ohun-ìní àti gbèsè.

Wàyí o, ₦7,180,000 ni owó iṣẹ́. Ìnáwó tó jẹ́ ₦6,940,000 tẹ́lẹ̀ dín ₦1,050,000 owó ilé kù, ó fi ₦75,000 owó òṣìṣẹ́ kún un, ó di ₦5,965,000. Èrè 2025 jẹ́ ₦1,215,000, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí ìwé àkọ́kọ́ sọ lọ.

Inú obìnrin náà dùn, ó ní òun máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá nínú oṣù Kìíní. Ibí yìí ni kí ẹ dúró pẹ̀lú mi díẹ̀, nítorí àtúnṣe kan náà tó gbé èrè sókè ló ń sọ pé kó má ra nǹkan kan. ₦560,000 ló ṣì wà ní báńkì, kò lé, kò dín. Nínú rẹ̀, ₦75,000 jẹ́ ti àwọn tó ń ránṣọ, wọ́n máa gbà á ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. ₦320,000 jẹ́ ti iṣẹ́ tí kò tíì ṣe, yóò fi ra okùn, sípù àti lainí fún gáùnù 20 tó kù, yóò sì fi gbọ́ bùkátà títí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa fi parí ní oṣù Kẹrin. Ohun tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí ẹ̀jẹ́ lórí rẹ̀ jẹ́ ₦165,000. Ibo ni èyí tó kù nínú èrè wà? Ó wà lọ́wọ́ onílé, nínú ₦1,050,000 tó ti gbà sílẹ̀. Èrè náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló wà.

Oṣù Kìíní ni àtúnṣe tó dára ti sábà máa ń bàjẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3, wọ́n san ₦125,000. Bó bá ṣe bí ó ti máa ń ṣe, ọmọ náà á kọ gbogbo rẹ̀ sí ìnáwó owó òṣìṣẹ́ 2026. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ka ₦75,000 ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní 2025, lẹ́ẹ̀kan ní 2026, gbèsè ₦75,000 á sì wà nínú ìwé títí lọ láìsí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀. Gbèsè òṣìṣẹ́ tí iye rẹ̀ kò yí padà láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kẹfà, àmì àṣìṣe yìí gan-an ni. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ akántáǹtì ń gbà yẹra fún un ni pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, wọ́n á kọ òdìkejì àtúnṣe náà: ₦75,000 sí apá òsì gbèsè, kí gbèsè pa rẹ́, àti ₦75,000 sí apá ọ̀tún ìnáwó owó òṣìṣẹ́. Ìnáwó ọdún tuntun á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦75,000 ní apá òdì. Nígbà tí akọ̀wé bá kọ ₦125,000 bó ṣe máa ń kọ ọ́, ₦50,000 ló máa ṣẹ́kù, iye náà gan-an tó yẹ ọdún 2026.

Ti owó ilé kò ní irú ìyípadà báyìí. ₦50,000 ni kí ó máa gbé kúrò ní àsansílẹ̀ lọ sí ìnáwó lóṣooṣù. Bí kò bá ṣe é, ìwé 2026 á sọ pé ṣọ́ọ̀bù kò ní owó ilé rárá, èrè á wú, àwọn tó ń gba owó orí á sì tètè rí i. Bó ṣe lè yẹ ara rẹ̀ wò ni pé kí ó máa pín ohun tó ṣẹ́kù nínú àsansílẹ̀ pẹ̀lú ₦50,000. Ní òpin oṣù Kẹta 2026, ₦900,000 ni kó wà níbẹ̀, oṣù 18 nìyẹn, kó wá fọwọ́ kà á láti oṣù Kẹrin: bí kò bá já sí oṣù Kẹsàn-án 2027 gẹ́lẹ́, ẹnì kan ti fo oṣù kan. Ọ̀nà yìí tó fún ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ̀lé òfin ìṣirò ti iṣẹ́ kékeré. Fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lo òfin àgbáyé kíkún, láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń ka ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n háyà sí ohun-ìní tó máa ń gbó, kì í ṣe owó ilé àsansílẹ̀ lásán.

Ti àwọn ọmọ iṣẹ́ ló máa ń ní ìyàlẹ́nu jù, nítorí èèyàn ni wọ́n. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà kò wá mọ́ lẹ́yìn oṣù Kejì 2026. ₦90,000 rẹ̀ jẹ́ ₦15,000 lóṣù, oṣù méjì ló kù fún un, ₦30,000 sì ṣì wà ní ojú ìwé owó tí a gbà ṣáájú iṣẹ́. Ìwé àdéhùn ni akọ̀wé máa wò. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í dá owó padà, télọ̀ kò jẹ ọmọ náà ní nǹkan kan mọ́, ₦30,000 á di owó iṣẹ́ ní oṣù tó lọ. Bó bá kọ ọ́ pé a máa ń dá ti oṣù tó kù padà, ₦30,000 á jáde ní báńkì, á sì pa gbèsè náà rẹ́. Kò ní wọ ìnáwó rárá, nítorí kò fìgbà kan jẹ́ èrè. Bí ìwé àdéhùn kò bá sí, tí ó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ níwájú ìyá ọmọ náà, kí ₦30,000 ṣì jókòó bí gbèsè títí wọn yóò fi pe ìyá náà kí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀.